Àbọ̀ lórí pákó ìrókò mi tó ń ya

"Kí ló dé tí pákó ìrókò mi ń ya ṣákiṣàki bí mo bá ń fá a, tí abẹ ìfági sì mú?"

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn, ẹ ṣé gan-an fún èsì yín. Ẹni tó ní kí n tún abẹ pọ́n rí apá kan ọ̀rọ̀ náà.

Lánàá, Bàbá ọ̀gá mi dojú pákó náà délẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi omi ra etí rẹ̀, ìlà inú igi sì yọ kedere. Wọ́n ní:

"Ibi tí ìlà bá ń gùn lọ ni kí o fá a sí. Bó bá ń rì, abẹ á bọ́ sábẹ́ rẹ̀, á fà á ya."

Mo yí pákó padà, ó dán. Àmọ́ láàárín, ó tún ya. Wọ́n ní ìrókò máa ń yí ìlà padà, ìpele kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún. Wọ́n fa abẹ sẹ́yìn títí èérún fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n sì fi àfọ́kù gíláàsì ha ìyókù.

Ibì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ṣì rí ṣákiṣàki. Abẹ́ tábìlì tí mo ń fi pákó náà kàn ni mo kọjú ibẹ̀ sí. Mo pa ìbéèrè yìí dé.