Ìwé àkọsílẹ̀ ń lé fóònù wọlé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdílé Yorùbá 4 ní Kubwa ló gbà kí n máa bá wọn jókòó nírọ̀lẹ́, kí n kọ bí wọ́n ṣe ń lo tẹlifíṣàn àti fóònù. Tẹlifíṣàn rọrùn: ní ìṣẹ́jú 10-10, mo ń kọ ẹni tó ń wò ó àti ẹni tó kàn jókòó síbẹ̀. Fóònù ló le. Bí mo bá ti yọ ìwé, ìyá ilé á dojú tirẹ̀ délẹ̀. Mo há nǹkan sórí, mo kọ ọ́ lálẹ́, ọ̀rọ̀ dàrú: ṣé ìpolówó ọjà ló mú un gbé fóònù ni, àbí ìró Wásáàpù? Mo bi í lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ò tilẹ̀ fọwọ́ kan fóònù!

Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń kọ irú èyí lójú ẹsẹ̀ tí onílé ò fi ní yí ìṣe padà? Mo dúpẹ́ ṣáájú.