Dọ́là 200 mi di 284,200 náírà: níbo ni ìyókù wọlẹ̀ sí?

Ìyá Tóbi, Òkè-Fìà: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ inú fídíò sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dọ́là sì ni wọ́n ń san. Ní ọjọ́ Ajé, mo gba 200. Fóònù ní dọ́là kan jẹ́ 1,500, mo ti ń ka 300,000 lọ́kàn fún owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tí alẹ́ẹ̀tì dún, 284,200 ni mo rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìgbóǹnà ní òun á máa rà á ní 1,530. Ṣé kí n ta dọ́là mi tó kù fún un?

Bàbá Ìbejì: Ẹ lọ ṣí àkáǹtì dọ́mù ní báǹkì. Dọ́là yín á wọlé ní kíkún, wọn ò ní gé kọ́bọ̀.

Àǹtí Ṣadé: Tèmi, láti Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi ránṣẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú orúkọ mi, owó náà sì há fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ yẹ orúkọ yín wò dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Ìyá Tóbi, ẹ ṣí ìwé ìsanwó náà. Èló ni wọ́n yọ, èló ni wọ́n sì fi ṣẹ́ ẹ?

Ìyá Tóbi: Wọ́n yọ dọ́là 4. Wọ́n fi 1,450 ṣẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Ibẹ̀ ló wà. Dọ́là 4 yẹn jẹ́ 6,000. Ó ku 196, wọ́n sì dín 50 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 9,800. Inú iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ ni ìgé ńlá máa ń sá pamọ́ sí. Nítorí náà, náírà tó dọ́wọ́ yín ni kí ẹ pín sí 200: 1,421 ni dọ́là yín tà. Òun ni kí ẹ máa fi wé ti ẹlòmíì.

Bàbá Ìbejì, dọ́mù dára, ṣùgbọ́n àwọn báǹkì tó wà lójú ọ̀nà lè gé tiwọn kí owó tó délé. Dọ́là 25 tí wọ́n bá gé lára 1,000 kò dunni bíi 25 lára 200.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ẹ bi í: àkáǹtì ta ni yóò fi sanwó? Lọ́dún tó kọjá, mo ta 150 fún ẹnìkan, owó wọlé lórúkọ ẹlòmíì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, báǹkì ti àkáǹtì mi pa: ẹni tó ni owó náà ní jìbìtì ni wọ́n fi gbà á. Ọjọ́ 19 ni mo fi ń lọ bọ̀. Alẹ́ẹ̀tì náà kò tó ẹ̀rí o, inú áàpù báǹkì ni kí ẹ ti rí owó kí ẹ tó tú dọ́là sílẹ̀.

Ìyá Tóbi: Mo pè é báyìí. Ó ní àkáǹtì àbúrò òun ni.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Ẹ fi sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Kí ẹ kúkú tọ́jú dọ́là yín, ó lè gbówó lórí sí i.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Ó sì lè já. Owó ilé ìwé kì í dúró de ọjà.

Ìyá Tóbi: Dọ́là 120 ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá gbà á lónìí, ṣé 4 náà ni wọ́n máa yọ, àbí ó máa dín? Mo fẹ́ wo ojú ìwé náà kí n tó tẹ̀ ẹ́.