Báwo ni mo ṣe lè bi wọ́n láì dùn wọ́n?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Akéwì ni mí ní Àgbádárìgì. Àǹtí kan ránṣẹ́ sí mi pé, “Bá mi kọ nǹkan nípa màmá mi.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ ìbí ni àbí ìsìnkú? Orin àbí ewì? Yorùbá àbí Ègùn? Bí màmá bá ti kú, tí mo wá béèrè ọdún tí wọ́n ń ṣe, mo ti dá ọgbẹ́ sí wọn lọ́kàn. Mo fẹ́ bi wọ́n pé, “Àǹtí, níbo la ti máa gbé e kalẹ̀, àwọn wo ló máa gbọ́ ọ?” Ìdáhùn yẹn lè fi ayẹyẹ àti èdè hàn. Lẹ́yìn náà, màá kọ ìlà mẹ́rin lọ́nà méjì, orin kan, ewì kan, kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Àbí kí n kọ́kọ́ pè wọ́n?