Ọ̀rọ̀ owó ìrìnàjò mi: mo ti dé o

Kí n tó rìnrìn àjò, mo bi yín níbí pé: "Ṣé kí n ṣẹ́ owó pọ́n-ùn láti ilé ni, àbí kí n fà á lẹ́nu ẹ̀rọ tí mo bá dé Lọ́ńdọ̀nù?"

Mo ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Méjèèjì ni mo ṣe. Bọ̀dá tó dá mi lóhùn pé kí n ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé gbà á dé ìdajì: pọ́n-ùn 100 tí mo ṣẹ́ ló gbé mi dé ilé àbúrò mi. Káàdì dọ́là ni mo fi fa ìyókù. Bí mo ṣe tẹ 200, ẹ̀rọ ní òun lè bá mi ṣírò rẹ̀ sí dọ́là. Iye tó kọ síbẹ̀ ga ju ti báǹkì mi lọ, ni mo bá tẹ "Decline conversion". Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fà á, torí iye kan náà ni báǹkì mi ń yọ fún owó iṣẹ́ nígbàkígbà tí mo bá fa owó, ì báà ṣe pọ́n-ùn 20 ni mo fà.