Ìdánwò bọ́ sí Sátidé, Adífẹ́ńtíìsì ni mí: báwo ni mo ṣe máa ní kí wọ́n yí i?

Tẹ́mì_ọdún_kẹta: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ìmọ̀ràn. Yunifásítì ìjọba ni mo wà. Táímùtébù àkọ́kọ́ jáde lánàá, wọ́n fi kọ́ọ̀sì mi kan sí Sátidé aago 9 àárọ̀, GST, kọ́ọ̀sì tí gbogbo wa jọ ń ṣe, náà tún bọ́ sí Fúráìdé aago 4 ìrọ̀lẹ́. Mi ò kì í ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sábáàtì. Ta ni mo máa kọ lẹ́tà sí, kí ni mo máa kọ sínú ẹ̀?

Fẹ́mi_Jẹ́jẹ́: Má da ara ẹ láàmú jàre. Má lọ. Tó bá yá kó o lọ bá olùkọ́ yẹn ní ọ́fíísì, ó máa ṣètò òmíràn fún ẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe nígbà tára ẹ̀ ò yá.

Alàgbà_Ìdí_Ọ̀pẹ: Fẹ́mi, ẹni tára ẹ̀ ò yá ni ẹ̀gbọ́n ẹ, ìwé dókítà ló gbà á. Ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní wá tí kò sì wí nǹkan kan, ABS, ìyẹn pé kò wá, ni wọ́n máa kọ sí iwájú orúkọ ẹ̀, kọ́ọ̀sì yẹn á dúró dè é di ọdún tó ń bọ̀.

Tẹ́mì, mo jókòó sídìí táímùtébù fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fẹ̀yìn tì, jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó o fẹ́ lọ bẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀sìn ẹ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ìbéèrè tó lè jò ni. Tí 180 èèyàn bá ṣe ìdánwò láàárọ̀ Sátidé, tí ìwọ wá fẹ́ ṣe tìẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìbéèrè ti wà lórí Wọ́sáàpù kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Olùkọ́ ní láti jókòó kọ ìbéèrè mìíràn nítorí èèyàn kan ṣoṣo, wọ́n á tún ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń sọ pé rárá. Nítorí náà tó o bá wọlé, má fi "ẹ bá mi yí déètì" bẹ̀rẹ̀.

Ti GST kò le. Orí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á pín yín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ìbéèrè tó máa jáde fún ẹ ò sì ní rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹnìkejì ẹ. Lọ sí ọ́fíísì wọn lónìí, ní kí wọ́n gbé ẹ sí ọ̀wọ́ àárọ̀. O ṣeun tó o tiẹ̀ kíyè sí Fúráìdé yẹn, àwọn ọmọ ìjọ yín míì kì í ríran rí i. Oòrùn Fúráìdé tó bá wọ̀ ni Sábáàtì ti dé, n'Ìbàdàn níbí ó máa ń wọ̀ ní nǹkan bí 6:25 lóṣù kọkànlá, tó bá jẹ́ oṣù kẹfà á sún mọ́ 7:00. Ìdánwò aago 4 yẹ kó parí kó tó dìgbà yẹn àmọ́ ẹ jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ṣì wà lórí ìlà ní aago 5 ààbọ̀.

Lọ́yà_Kékeré: Kí ló ń bẹ̀ wọ́n sí? Ẹ̀tọ́ ẹ ni. Abala 38 nínú Òfin ọdún 1999 fún gbogbo wa lómìnira ẹ̀sìn. Kọ lẹ́tà lọ́yà sí wọn, wọ́n á yára yí i.

Alàgbà_Ìdí_Ọ̀pẹ: Abala 38 wà níbẹ̀ lóòótọ́, lọ́yà mi, àmọ́ yí ojú ìwé kan sí abala 45, wàá rí i pé òfin lè fi ààlà sí òmìnira yẹn nítorí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ Adífẹ́ńtíìsì kan gbé Yunifásítì Makerere lọ sílé ẹjọ́ ní Uganda lórí ọ̀rọ̀ Sátidé yìí gan-an, ẹjọ́ ọ̀hún dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, wọ́n sì pàdánù lọ́dún 2006. Ní Kẹ́ńyà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè sẹ́yìn ìjọ wọn ní 2017 lórí ọ̀rọ̀ Sátidé nílé ẹ̀kọ́ girama. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí adájọ́ tiwa máa fì sí, ìdánwò ọmọ yìí sì kù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré.

Ìyá_Wálíà: Ẹ jọ̀ọ́ ṣé ọ̀rọ̀ Jímọ̀ lẹ ń sọ? Torí ọmọ mi náà, wọ́n fi ìdánwò sí aago 1 Fúráìdé. Ọdún tó kọjá Ìtúnú Àwẹ̀ náà tún kó sí i.

Alàgbà_Ìdí_Ọ̀pẹ: Ìyá wa, Sábáàtì ni tirẹ̀. Ti Jímọ̀ rọrùn, ẹ ní kí wọ́n sún un sí 2:30, gbogbo kíláàsì lè jọ sún un, kò sí ìbéèrè tó máa jò. Ti Ìtúnú Àwẹ̀ ló nira torí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ bóyá ọ̀la ni tàbí ọ̀túnla, ẹ yáa kọ ọjọ́ méjèèjì sínú lẹ́tà. Ti Iléyá, ọjọ́ kẹwàá oṣù ni, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú.

Ọmọ_Pásítọ̀: Tẹ́mì, èmi ṣe é lọ́dún méjì sẹ́yìn, jẹ́ n sọ bó ṣe lọ. Lẹ́tà mi ò ju ojú ìwé kan lọ. Mo kọ ọ́ sí olórí dípátímẹ́ńtì, mo gbé e gba ọwọ́ olùdámọ̀ràn kíláàsì mi, mo fún ẹni tó ń bójú tó ìdánwò ní ẹ̀dà kan, mo wá ní kí wọ́n bá mi lu sítáǹbù pé àwọn ti gbà á lé ẹ̀dà tèmi lórí. Sítáǹbù yẹn ló gbà mí torí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Nọ́ńbà mi, orúkọ kọ́ọ̀sì, ọjọ́ àti aago ló wà lókè, lẹ́tà pásítọ̀ tó ní orí ìwé ìjọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun méjì ni mo ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú ẹ̀: kí wọ́n gbé kọ́ọ̀sì yẹn sí Wẹ́sìdé, torí mo ti wo táímùtébù mo rí i pé kò sí ẹnì kankan ní ọdún kẹta tó ní ìdánwò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tàbí kí wọ́n há mi mọ́lé láti àárọ̀ Sátidé kí n wá ṣe ìdánwò kan náà tí oòrùn bá wọ̀.

Èkejì ni wọ́n mú. 8:30 àárọ̀ ni mo dé, wọ́n gba fóònù mi, mo jókòó sí ọ́fíísì kan pẹ̀lú akọ̀wé dípátímẹ́ńtì, Bíbélì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, tí mo bá fẹ́ tọ̀ wọ́n á tẹ̀ lé mi. Màmá mi gbé ìrẹsì wá, wọ́n ṣí kúlà wò dé ìsàlẹ̀ lóòótọ́ (màmá mi ò tíì dárí jì wọ́n). 6:50 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó fi máa di 7:20 iná lọ. Kò sí ẹni tó rántí pẹtiróòlù. Tọ́ọ̀ṣì ni akọ̀wé bá mi gbé dání fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, wọn ò sì fi ìṣẹ́jú kankan kún un fún mi. Nítorí náà sọ̀rọ̀ iná níwájú, ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa ṣọ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí Sátidé tẹni yẹn náà ló ń lọ.

Lọ́yà_Kékeré: Síbẹ̀ mo ṣì ń sọ pé ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Tẹ́mì_ọdún_kẹta: Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà. Mo ti lọ sí GST, wọ́n ti gbé mi sí Túsìdé aago 10. Mo wo táímùtébù wa, kò sáàyè kankan ní Wẹ́sìdé o, Tọ́sìdé aago 3 nìkan ló ṣófo, àmọ́ àwọn mẹ́rin tó ń tún kọ́ọ̀sì ọdún kejì ṣe ní ìdánwò nígbà yẹn. Ṣé kí n ṣì kọ ọ́ sínú lẹ́tà ni àbí kí n kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n há mi mọ́lé?

Alàgbà_Ìdí_Ọ̀pẹ: Kọ ọ́, kó o sì sọ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́rin yẹn fúnra ẹ kí wọ́n má bàa rò pé o ò rí i. Àmọ́ ìhámọ́lé ni mo rò pé wọ́n máa mú. Gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la, táímùtébù àkọ́kọ́ kì í pẹ́ kó tó di tìkẹyìn.

Ọmọ_Pásítọ̀: Lítà márùn-ún tó fún jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn. Àpò ara ẹ ni kó o ti mú owó ẹ̀.