Ẹ̀gbẹ́ wo ni dáyámọ́ńdì dúdú yẹ kó wà nínú àwòrán kíláàsì ètò àjọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ́fítíwíà:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ya àwòrán kíláàsì fún ètò orí fóònù tí àwọn alájọ yóò fi máa kọ owó ojoojúmọ́ sílẹ̀ dípò káàdì oníbébà. Kíláàsì mẹ́rin ló wà níbẹ̀: `Alajo`, `Onibaara`, `Kaadi` àti `Idawo`. Ìdáwó kan ni owó ọjọ́ kan, àpótí 31 ló sì wà lórí káàdì.

Mo fi dáyámọ́ńdì dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ `Onibaara`, mo fi òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ `Alajo`, mo fa ìlà wọn lọ bá `Kaadi`, torí àwọn méjèèjì ló ni ín. Ìlà lásán ni mo fà láàárín `Kaadi` àti `Idawo`, mo kọ `31` sẹ́gbẹ̀ẹ́ `Kaadi`, `1` sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Idawo`. Olùkọ́ wa fi bírò pupa yí gbogbo rẹ̀ ká láìṣàlàyé. Kí ló burú níbẹ̀?

Bọ̀dá Kóòdù:
Ọ̀rọ̀ dáyámọ́ńdì ò le. Ẹ̀gbẹ́ odindi ló máa ń wà, kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yà. Bó bá dúdú, tí odindi bá lọ, ẹ̀yà bá a lọ. Bó bá funfun, ẹ̀yà lè dá dúró. Nọ́ńbà rẹ náà dáa: káàdì ló ní 31, ẹ̀gbẹ́ káàdì lo sì kọ ọ́ sí. Èmi ò rí àṣìṣe kankan.

Ìyá Ìbejì:
Bọ̀dá Kóòdù, ohun tí ẹ sọ nípa dáyámọ́ńdì tọ̀nà, ti nọ́ńbà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, mú káàdì kan ṣoṣo, tẹ̀lé ìlà náà dé ìkángun kejì, kí o wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Iye ìdáwó tí káàdì yẹn ní nìyẹn. Bí o ṣe yà á yìí, káàdì kan ní ìdáwó kan, owó tí aláta kan san lónìí sì wà lórí káàdì 31. Alájọ wo ló máa gbà?

Kódà bí o bá gbé `31` lọ sí ẹ̀gbẹ́ `Idawo`, kò tíì tán. Nọ́ńbà kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé. Káàdì tuntun tí wọn ò tíì san kọ́bọ̀ sí kò ní ráyè nínú ètò rẹ. `0..31` ni kí o kọ.

Ní ti dáyámọ́ńdì dúdú, òfin UML, ìlànà tí a fi ń ya irú àwòrán yìí, ni pé ẹ̀yà kan kò lè wà lábẹ́ odindi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. O ti fún káàdì kan ní odindi méjì. Bi ara rẹ pé: bí oníbàárà bá kó kúrò ládùúgbò, ṣé káàdì rẹ̀ yóò pa rẹ́? Kí ni alájọ yóò fi ṣírò owó tó ti gbà? Bí alájọ bá sì fẹ̀yìn tì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò gba àwọn káàdì náà. Ìlà lásán ló yẹ níbẹ̀. Ìlà àárín `Kaadi` àti `Idawo` ni dáyámọ́ńdì dúdú tọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Kaadi`, torí ìdáwó kò wúlò láìsí káàdì rẹ̀, kò sì lè wà lórí káàdì méjì. Bó ṣe máa rí nínú PlantUML rèé, `*` ló dúró fún dáyámọ́ńdì dúdú:

```
Onibaara "1" -- "0..*" Kaadi
Alajo "1" -- "0..*" Kaadi
Kaadi "1" *-- "0..31" Idawo
```

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ẹnì kan rí dáyámọ́ńdì dúdú láàárín oníbàárà àti ìwé owó, ó sì kọ `ON DELETE CASCADE` sínú dátábéèsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ oníbàárà kan, gbogbo àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ bá a lọ. Inú bákọ́ọ̀pù la ti lọ wá a.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ́fítíwíà:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣé kí n wá fi dáyámọ́ńdì funfun sáàárín `Alajo` àti `Onibaara`? Àwọn obìnrin ọjà míì máa ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ méjì.

Bọ̀dá Kóòdù:
Fi sí i. Alájọ ló kó àwọn oníbàárà jọ, wọ́n sì lè wà láìsí i. Agirigéṣọ̀n gan-an nìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Èmi kì í lò ó. UML 2.5.1 fúnra rẹ̀ fi ìtumọ̀ funfun yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń yàwòrán, nítorí náà ẹni tó ń kà á kò lè mọ ohun tí o ní lọ́kàn. Káàdì ti so àwọn méjèèjì pọ̀ ná. Oníbàárà tó ní alájọ méjì yóò kàn ní káàdì méjì, kò nílò ìlà mìíràn.

Bọ̀dá Kóòdù:
Ẹ jẹ́ á gbà bẹ́ẹ̀, mà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń máàkì lè máa wá a. Èyí tó kù sí mi nínú ni `1` ẹ̀gbẹ́ `Alajo` yẹn. Bí alájọ bá fẹ̀yìn tì, tí ọmọ iṣẹ́ ò sì tíì gba káàdì, ṣé kì í ṣe `0..1` ló yẹ?

Ìyá Ìbejì:
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn alájọ ni ìdáhùn ìyẹn wà. Akẹ́kọ̀ọ́, lọ bi wọ́n bóyá káàdì máa ń wà láìsí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.