Àwòrán iṣẹ́ wa ti kún jù, báwo lẹ ṣe ń pín in?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ mọ̀ pé èmi àti bàbá àwọn ọmọ la jọ ń kó ẹrù láti Èkó wá sí ọjà Wàńdò. Mo ya bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ sórí draw.io torí ọmọ tó fẹ́ bá wa ṣe áàpù fẹ́ rí gbogbo ẹ̀. Àpótí 34 ló wà níbẹ̀, ọfà ń gun ọfà, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ojú ò ríran kà á. Ọmọ ọ̀hún wò ó títí, ó ní "Màmá, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Àwòrán náà rèé nísàlẹ̀.

Kọ́lá: Àǹtí, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì lórí Wọ́sáàpù, kò ní fún un pọ̀, á mọ́ kedere.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Rárá àbúrò mi, fáìlì ò wúwo. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ló pọ̀.

Bàbá Kétu: Àpótí ò gbọdọ̀ ju 7 lọ lójú ewé kan, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹ gé e sí márùn-ún, 7, 7, 7, 7, 6, ó tán.

Ráṣídì: Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Òótọ́ ni pé tó bá ti lé ní méje tàbí mẹ́jọ ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ èèyàn, àmọ́ tí ẹ bá kàn gé e bí ẹní gé búrẹ́dì, gbogbo ọfà tó wà lójú ibi tẹ́ ẹ gé ló máa já sófo, ẹni tó ń kà á á kàn máa ṣí ewé síwá sẹ́yìn ni. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ya ewé lókè-lókè ná. Ewé àkọ́kọ́, àpótí kan ṣoṣo, ẹ kọ "iṣẹ́ wa" sí i, kẹ́ ẹ wá to àwọn ará ìta yí i ká: oníbàárà, àwọn tó ń tajà l'Ékòó, kọ́sítọ́ọ̀mù, mómò. Ewé kejì, ẹ ṣí àpótí yẹn, àpótí márùn-ún ni mo rí níbẹ̀: 1 gba iṣẹ́, 2 kó ẹrù jọ, 3 ẹnubodè, 4 pín ẹrù, 5 owó. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé mo wo ibi tí ọfà ti pọ̀ láàárín ara wọn àmọ́ tí díẹ̀ ń jáde. Ẹ wo ti ẹnubodè, àpótí 9 ló wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ra wọn gan-an, ọfà 4 péré ló gba ẹnu ọ̀nà: àkójọ ẹrù wọlé láti 2, ìwé ìkéde jáde lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé àṣẹ padà wọlé, "ẹrù ti kọjá" lọ sí 4. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ gé. Ewé kẹta á wá jẹ́ inú àpótí 3 nìkan, 3.1, 3.2 títí dé 3.9.

Bàbá Kétu: 9 ju 7 lọ o.

Ráṣídì: Ó jù ú lọ, ṣùgbọ́n tó bá ṣe é kà, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí ọfà ó ṣìnà. Ọfà 4 tó kan àpótí 3 lókè, àwọn 4 yẹn náà ló gbọ́dọ̀ wà ní etí ewé 3, orúkọ kan náà, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Mo ti ṣe é tán, àmọ́ ewé 3 mú ọfà 5 jáde! Ní 3.3 la ti ń san owó orí ẹrù, mo wò ó títí mi ò rí ibi tí owó yẹn ti ń wọlé, mo wá fa ọfà kan wá láti ìta.

Ráṣídì: Ẹ má pa á rẹ́ o! Ta ló ń fún dírẹ́bà lówó yẹn?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Àpò bàbá àwọn ọmọ ló ti ń jáde, a ò kọ ọ́ síbì kankan. Ìdí tí ìṣirò wa kì í fi í bára mu lópin oṣù nìyẹn.

Ráṣídì: Ẹ gbé e lọ sókè nígbà náà, ọfà láti 5 sí 3. Ìgbà tí àpótí 34 bo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè rí i.

Àdùkẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ "wo ewé 3" sínú àpótí 3 fúnra ẹ̀. Èmi fi línkì sí tèmi (ẹ ó fi máòsì ọwọ́ ọ̀tún tẹ àpótí náà, `Edit Link`, ẹ mú pééjì tẹ́ ẹ fẹ́), ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo wá gbé e jáde bíi fọ́tò `PNG` fún ọ̀gá mi, gbogbo línkì pòórá, ó ń tẹ fọ́tò náà títí lórí fóònù, kò ṣí. Tẹ́ ẹ bá sì rí iṣẹ́ tuntun láàárín 2 àti 3, ẹ pè é ní 6. Ẹ má tún nọ́ńbà tò, torí 3.1 títí dé 3.9 ló máa yí padà lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ìwé àkọsílẹ̀ oníbàárà wa ńkọ́? Ewé wo ló máa wà?

Ráṣídì: 1, 4 àti 5 ló ń lò ó, nítorí náà ewé kejì ni. Ìwé tó jẹ́ pé inú 3 nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i, inú ewé 3 ni kó wà, kò yẹ kó yọjú lókè.

Àdùkẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́: Bọ̀dá, mi ò fara mọ́ ìyẹn tán. Ọmọ tó ń ṣe áàpù ló máa kà á, gbogbo ìwé ni mo máa ń fi hàn án ní ewé kejì kó lè tètè mọ ibi tí nǹkan ń wọlé sí.

Ráṣídì: Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo wọn síbẹ̀, ewé kejì náà á tún kún. Bi ọmọ náà léèrè ná, Ìyá Ìbejì, èyí tó bá lè kà ni kẹ́ ẹ ṣe.

Bàbá Kétu: Tèmi ni wáyà iná ilé mi, ilé alájà méjì ni, iléeṣẹ́ tó ṣe é kó gbogbo ẹ̀ sórí bébà kan. Ṣé ewé kan fún àjà kan ni?

Ráṣídì: Ẹ ya bọ́ọ̀dù ńlá sórí ewé kan ná, Bàbá, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo wáyà tó bá jáde níbẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ kí n wò ó.